Èsì wa lórí fọ́tò ọjọ́ ìbí Màmá: ẹsẹ̀ tí kò kanlẹ̀ àti ọ̀run tó ń là ní ìlà-ìlà

*Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Fọ́tò mẹ́rin ni mo kó fún wọn kí wọ́n pa á pọ̀ di ọ̀kan fún ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún Màmá wa. Lórí fóònù, ó dára gan-an. Ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí kánfáàsì ni àṣírí tú. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Húsítọ̀n dà bí ẹni tó ń fò, ẹsẹ̀ wọn ò kanlẹ̀. Nǹkan funfun kan yí orí àti èjìká wọn ká. Ojú ọ̀run wá ń là ní ìlà-ìlà bí aṣọ òfì. Àwọn àlejò ń bi mí pé ṣé wọ́n ti di olóògbé ni. Owó tí mo san kì í ṣe kékeré o.*

Ẹ kú ilé o, Mà. Ẹ kú ìnáwó Màmá, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa. Lánàá ni mo ṣí fáìlì yín padà, mo tú u palẹ̀ léyà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ti funfun orí àti ti ọ̀run, ọwọ́ wa ló ti wá. Ti ẹsẹ̀, ìdajì rẹ̀ tiwa ni, ìdajì wà lọ́wọ́ ẹni tó ya ẹ̀gbọ́n yín. N ó ṣàlàyé rẹ̀ síbí ní gbangba, torí àwọn tó fẹ́ gbé irú iṣẹ́ yìí wá máa ń ka ibí kí wọ́n tó pè wá.

Ohun tí a pa pọ̀ rèé: àgbàlá ilé yín tí a yà ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Màmá lórí àga pẹ̀lú ẹ̀yin tí ẹ dúró lẹ́yìn wọn, tí a yà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n yín tí wọ́n fi fóònù yà níwájú ògiri funfun, àti ojú ọ̀run láti inú fọ́tò mìíràn, torí ọ̀run àgbàlá yín ti funfun báláú, kò sí ìkùukùu kankan níbẹ̀. Nínú Photoshop, fọ́tò kọ̀ọ̀kan wà lórí léyà tirẹ̀, léyà kọ̀ọ̀kan sì ní ìbòjú, èyí tí ẹ̀rọ ń pè ní Layer Mask. A kì í gé fọ́tò sọnù, ìbòjú ni à ń kùn. Ibi tí ìbòjú bá ti funfun, fọ́tò á hàn. Ibi tó bá dúdú, á fara pamọ́. Ibi tó bá rí bí eérú, fọ́tò náà á hàn ní àbọ̀, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì hàn ní àbọ̀. Tí a bá wá fa Gradient Tool lórí ìbòjú, dúdú á máa di eérú, eérú á máa di funfun díẹ̀díẹ̀, fọ́tò kan á sì yọ́ wọ inú èkejì láìsí ojú àsopọ̀.

Ibi "hàn ní àbọ̀" yẹn gan-an la ti kọsẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ wa fẹ́ kí bàtà ẹ̀gbọ́n yín wọ inú ilẹ̀ dáadáa, ló bá fa ìyọ́ yẹn láti ọrùn ẹsẹ̀ wọn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tí mo fẹ fọ́tò náà tó bó ṣe yẹ, mo rí yẹ̀pẹ̀ pupa àgbàlá yín gba inú bàtà dúdú wọn. Òkúta wẹ́wẹ́ kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tó hàn kedere ní ibi tó yẹ kí okùn bàtà wà. Ẹni tí a ń rí ilẹ̀ gba inú ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn àlejò yín ò jẹ̀bi tí wọ́n bi yín ní ìbéèrè yẹn.

Ibi tí fọ́tò méjèèjì bá ní irú ohun kan náà nìkan ni ìyọ́ ti ń bójú mu: ọ̀run lórí ọ̀run, yẹ̀pẹ̀ lórí yẹ̀pẹ̀, ọyẹ́ lórí ọyẹ́. Tí ohun tó wà lókè bá yàtọ̀ sí ohun tó wà nísàlẹ̀, méjèèjì á hàn pọ̀ bí iwin. Ara èèyàn kì í yọ́. Etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá ṣáká, kí ó rọ̀ ní píksẹ́lì kan tàbí méjì péré, ìyẹn àwọn àmì àwọ̀ kéékèèké tí fọ́tò fi di odidi. Òjìji ló yẹ kó yọ́, òjìji yẹn gan-an ni a ò sì ṣe fún ẹ̀gbọ́n yín.

Mo ti tún un ṣe báyìí. Mo dá bàtà padà ní odidi, mo wá fi léyà Curves méjì sókè ilẹ̀, lábẹ́ ẹ̀gbọ́n yín. Curves yìí ń mú kí ilẹ̀ ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ kun ìbòjú rẹ̀ dúdú pátápátá kí ó má ṣiṣẹ́ níbì kankan, kí n tó fi funfun kun ibi tí mo fẹ́ kí òjìji wà. Èyí dára ju ká kàn fi ọ̀dà dúdú kun ilẹ̀ lọ, torí yẹ̀pẹ̀ àti òkúta rẹ̀ á ṣì máa hàn nínú òjìji. Ti àkọ́kọ́ tín-ínrín, ó há sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ níbi tí bàtà ti kan ilẹ̀, ó sì ṣókùnkùn gan-an. Ìlà kékeré yẹn ló ń sọ fún ojú pé ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Èkejì ni òjìji gígùn, mo sì tẹ̀ ẹ́ sí apá ọ̀tún, torí apá ibẹ̀ ni òjìji igi máńgòrò yín wà. Orí èyí ni mo ti wá fa ìyọ́: lẹ́bàá ẹsẹ̀ ó dúdú, etí rẹ̀ sì mú; bó ṣe ń jìnnà ni ó ń fúyẹ́ tí etí rẹ̀ sì ń rọ̀. Òjìji máńgòrò ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n. Mo ń dá òkùnkùn sí i títí tí n kò fi rí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì.

Ti funfun orí kò le tó bẹ́ẹ̀. Píksẹ́lì tó wà létí irun, ìdajì rẹ̀ irun ni, ìdajì rẹ̀ ògiri. Ìbòjú tí a lò rọ̀ ní píksẹ́lì mẹ́fà, ló bá gbé ògiri Húsítọ̀n dání wá sí Ìbàdàn. Mo wọ Select and Mask, mo fa Shift Edge sí -25 kí ìbòjú lè wọlé sínú díẹ̀, mo sì fi ọwọ́ tún etí fìlà àti èjìká agbádá ṣe. Ó ti lọ.

Ọ̀run ni ẹ jẹ́ kí n pẹ́ lé lórí díẹ̀, torí ó tan àwa náà jẹ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa ń gba fáìlì tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ní ipele 256, láti òkùnkùn dé ìmọ́lẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀run yín kò lò ju nǹkan bí ipele 64 lọ, láti aró tó wà lókè dé funfun tó wà lẹ́bàá òrùlé. A wá na ipele 64 yẹn sórí píksẹ́lì 2,560. Ẹ pín in: àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan gba píksẹ́lì 40. Píksẹ́lì 100 sí íǹṣì kan la fi tẹ kánfáàsì yín, àtẹ̀gùn kan wá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan. Òun ni òfì tí ẹ rí. Lórí fóònù, gbogbo rẹ̀ ti sún kì débi pé ojú ò lè rí àtẹ̀gùn kankan.

Kí ló dé tí ọ̀run gidi kì í là bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò? Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ máa ń fi hóró wẹ́wẹ́ sí i, àwọn hóró yẹn ló ń fọ́ etí àtẹ̀gùn náà. Àwa ni a fọ hóró yẹn kúrò kí ọ̀run lè dán. A fọ̀ ọ́ jù. Mo ti tún ìyọ́ ọ̀run yẹn fà nínú 16 Bits/Channel, níbi tí ipele àwọ̀ ti pọ̀ ju 256 lọ fíìfíì, mo sì fi àmì sí Dither kí ó lè fọ́ etí àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ò tó, torí a ṣì máa dá fáìlì padà sí ipele 256 kí a tó tẹ̀ ẹ́. Mo wá da hóró padà: léyà kan tó rí bí eérú láti òkè délẹ̀, ní Overlay tí kì í jẹ́ kí eérú náà fúnra rẹ̀ hàn, pẹ̀lú Add Noise ní 2% àti Monochromatic. Ó bo fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ara gbogbo wọn sì ti wá jọra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀kan ló kù tí ìbòjú kankan ò lè tún ṣe. Ẹni tó ya ẹ̀gbọ́n yín gbé fóònù sókè ju orí lọ, ó wá ń wò wọ́n láti òkè. A ń rí orí fìlà wọn, ẹsẹ̀ wọn sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Kámẹ́rà wa ní tiwa wà ní ìwọ̀n àyà nígbà tí a ya àgbàlá àti ẹ̀yin. Bí a ṣe mọ̀ nìyí: ẹ fa ìlà tẹ̀ lé etí fáráńdà yín, ẹ fa òmíràn tẹ̀ lé orí bulọ́ọ̀kù ọgbà, torí méjèèjì tẹ́jú, wọ́n sì ń lọ sí ọ̀nà kan náà. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni ìwọ̀n ojú kámẹ́rà, ìwọ̀n yẹn sì gba àyà yín kọjá. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú kan náà, tó sì ga bíi tiyín, àyà tirẹ̀ náà ló yẹ kí ó gbà. Ti ẹ̀gbọ́n yín, ó kọjá lókè orí wọn. Òjìji tí mo ṣe ti mú wọn sọ̀kalẹ̀ dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ bá mú á ṣì mọ̀ pé nǹkan kan wọ́.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa. Kí kọ̀ǹpútà tó dé, àwọn onífọ́tò ilẹ̀ Yorùbá máa ń ṣe é fún ìbejì. Tí Táyé bá ti lọ kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, wọ́n á ya Kẹ́hìndé nìkan, wọ́n á bo ìdajì bébà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sí apá kan, wọ́n á tún tẹ èyí kan náà sí apá kejì, kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀. Kámẹ́rà kan, iná kan, àga kan: kò sí ohun tó fẹ́ ta kora. Tiwa, ìlú méjì, kámẹ́rà méjì, òòrùn méjì.

Nítorí náà, Mà, ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ bá wa gba fọ́tò mìíràn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Kí ẹni tó máa yà wọ́n gbé fóònù sí ìwọ̀n àyà, kí ó jìnnà tó mítà mẹ́rin, kí ó má lo ògiri funfun, kí ilẹ̀ sì hàn dáadáa yí ẹsẹ̀ wọn ká. Kí òòrùn wà ní apá òsì fọ́tò. Ẹ má wo aago, òjìji ni kí ẹ wò: tó bá ti gùn ju àwọn fúnra wọn lọ díẹ̀, ó ti bá ti àgbàlá yín mu. Iṣẹ́ àti kánfáàsì tuntun, a ò ní gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. A ó kọ́kọ́ tẹ abala ọ̀run kan bí íǹṣì 12 ní ìwọ̀n gidi, kí ẹ fi ojú ara yín rí i kí a tó tẹ odidi. Tí ẹ bá sì fẹ́ gba owó ìtẹ̀wé padà dípò rẹ̀, ẹ fi àkáǹtì yín ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tó wà lórí rìsíìtì, kì í ṣe síbí.

Ẹ tún bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n wọ bàtà dúdú yẹn náà. Mo ti mọ ojú rẹ̀ dáadáa báyìí.