Àwọn baba wa kò fi ewúrẹ́ ra iyọ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi ní Ṣágámù pé kí n wo ìdáhùn ìdánwò tí òun ń há sórí. Orí ìlà àkọ́kọ́ ni inú ti bí mi: "Kí òyìnbó tó mú owó dé, pàṣípààrọ̀ ni àwọn baba ńlá wa ń ṣe, ẹni tó ní ewúrẹ́ á fi gba iyọ̀." Mo bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n." Gbogbo ayé náà ni mo ń bá wí.

Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ tèmi.

*Kí ni iṣẹ́ mẹ́ta tí owó ń ṣe?* Òun la fi ń rà, tí a fi ń tà. Òun la fi ń ka iye ọjà, kí a lè mọ èyí tó wọ́n ju èkejì lọ. Òun la fi ń tọ́jú ohun tí a rí lónìí de ọjọ́ tí a máa nílò rẹ̀.

*Kí ló dé tí pàṣípààrọ̀ fi ń kùnà?* Ẹni tó ní ohun tí mo fẹ́ gbọ́dọ̀ fẹ́ ohun tí mo ní, lásìkò kan náà. Lẹ́yìn èyí, bí ọjà bá jẹ́ oríṣi 20, iye ọ̀kọ̀ọ̀kan sí gbogbo ìyókù la máa mọ̀: 20 × 19 ÷ 2, ìyẹn 190. Bí owó bá wà, iye 20 péré ni.

Ìdáhùn tán. Ṣùgbọ́n kò síbi tí ìdáhùn yìí ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé láyé àtijọ́. Ohun tó ń sọ ni ìdí tí wọn kò fi lè gbé bẹ́ẹ̀.

Ojú mi ló ṣe. Ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ náírà, owó tuntun kò sí níta, báǹkì kò rí owó san, tìránsífà ń há sójú ọ̀nà. Mo ní agbọ̀n obì gbànja kan, ẹja ni mo fẹ́. Ẹlẹ́ja kì í jẹ obì, iyọ̀ ló ń wá. Oníyọ̀ ní òun ti ní obì tó, ata ló kù fún òun. Mo rìn káàkiri ọjà títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, kòkòrò sì ti ń lu obì nínú agbọ̀n.

Ṣé a wá pààrọ̀ nǹkan ni? Rárá o. Ẹlẹ́ja pè mí padà: "Ìyá Ìbejì, ẹ gbé e lọ. Ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ ni, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀." Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Kò sí náírà lọ́wọ́ èmi, kò sí lọ́wọ́ òun, síbẹ̀ náírà la fi ka gbèsè náà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti dúró, ìkejì ń lọ geere. Àwìn la fi jẹun títí owó fi jáde.

Àwọn baba wa ńkọ́? Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná. Ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni orí kan, ìyẹn ẹgbàá (2,000), orí mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan (20,000). Ta ló ń ṣe irú ìṣirò báyìí nítorí ewúrẹ́? Oníbodè Ìjẹ̀bú ń fi ẹyọ gba owó bodè, wọ́n ń fi ẹyọ dá èésú, wọ́n sì ń fi ka gbèsè ìwọ̀fà. Ẹ ka iṣẹ́ mẹ́ta yẹn, ó pé.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní ìyá àgbà òun fi gàrí gba ẹja rí. Ó ṣeé ṣe. Èmi náà ti fi aṣọ gba bàtà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Mo gbà náà pé ọkọ̀ òyìnbó ló kó púpọ̀ nínú ẹyọ náà wá láti erékùṣù Máldífìsì. Ṣùgbọ́n òyìnbó kọ́ ló kọ́ wa bí a ṣe ń kà á.

Ibi tí ẹyọ ti kùnà gan-an ló yẹ kí ọmọ ilé ìwé mọ̀. Ọ̀kẹ́ kan tó ẹrù ẹni kan. Nígbà tó sì di bíi ọdún 1845, àwọn oníṣòwò Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyọ ńláńlá wá láti erékùṣù Sànsíbà ní ìlà oòrùn Áfíríkà, ó pọ̀ dé ibi tí iye rẹ̀ fi ń já wálẹ̀. Ẹni tó di ọ̀kẹ́ mẹ́wàá pamọ́ sí kọ̀rọ̀ yàrá bá a ní mẹ́wàá lóòótọ́, àmọ́ ohun tó lè rà ti dín kù. Iṣẹ́ kẹta ló bàjẹ́.

Ọmọ náà kà á tán, ó ní ó dára. Ó wá kọ ewúrẹ́ yẹn padà sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ó ní, "Àǹtí, èyí fún olùkọ́ wa."