Owó tí kò kọjá mílíọ̀nù márùn-ún náà lè mú ìfura dání

Àwọn kan tó ń yẹ sítéètìmẹ́ǹtì báǹkì oníbàárà tuntun wò máa ń sọ pé: “Tí owó kọ̀ọ̀kan nínú sítéètìmẹ́ǹtì oníbàárà ò bá ti ju ₦5,000,000 lọ, ẹ gbà á wọlé, kò sí wàhálà ńbẹ̀.”

Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. ₦5,000,000 ni ìwọ̀n kéèṣì ẹnì kan tó jẹ́ pé, tó bá ti kọjá a, fífi í tó ìjọba létí di dandan. Ìfura ní tiẹ̀ ò ní ìwọ̀n. Ẹ ka abala 7 nínú òfin Nàìjíríà ti 2022 tó dènà fífọ owó.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Lọ́jọ́ Ajé, ₦4,900,000 kéèṣì wọlé ní Ìkẹjà, ₦4,850,000 ní Ọ̀ṣòdì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ₦4,950,000. Lọ́jọ́rú, ₦4,900,000. Ẹ rò ó pọ̀: ₦19,600,000. Lọ́jọ́bọ̀, ₦19,500,000 jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí kéèṣì kankan tó ju ₦5,000,000 lọ níbẹ̀, síbẹ̀ ó yẹ ká fura.

Pé owó kéré nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o. Owó ọjà ìyá aláṣọ máa ń lọ sókè sódò: ₦310,000 lónìí, ₦1,200,000 lọ́la. Èyí tó ń rìn létí ìwọ̀n òfin, tí kò kọjá a rí, ni ká gbé lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń bójú tó ìfura, kí a tó gba oníbàárà wọlé.

Ẹ sì má ta oníbàárà lólobó. Òfin kan náà kà á léèwọ̀.