Ẹ má da ẹfun sí omi tí amóníà ti pọ̀

Àwọn kan máa ń gba olùsìn ẹja nímọ̀ràn pé: “Tí ẹja àrọ̀ bá ń yọrí lójú omi tí kò jẹun, omi ti kan nìyẹn. Ẹ da ẹfun sí i, ara wọn á yá.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ẹja àrọ̀ tí ara rẹ̀ le pàápàá máa ń gòkè wá mí. Àmọ́ tó bá dúró lóòró lójú omi tó sì kọ oúnjẹ, amóníà, ìyẹn ìdọ̀tí tó ń ti ara ẹja jáde sínú omi, ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ọ̀nà méjì ni amóníà pín sí nínú omi: ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, èkejì ni májèlé. Bí omi bá ṣe kan tó ló ń pín wọn. pH ni a fi ń wọn ìyẹn: bó bá ṣe ń wálẹ̀ ni omi ń kan sí i, ẹfun ló sì ń gbé e sókè. Ká ní omi gbóná tó 28°C, àyẹ̀wò sì fi amóníà mílígíráàmù 2 hàn nínú lítà kan. Bí pH bá jẹ́ 7, májèlé ibẹ̀ kò tó ìdá 1 nínú 100. Ẹ wá da ẹfun sí i títí pH fi dé 9: májèlé á di nǹkan bí ìdá 40 nínú 100. Omi kan náà ni, amóníà kan náà ni o!

Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ dá oúnjẹ dúró lọ́jọ́ náà, nítorí inú oúnjẹ ni amóníà ti ń wá. Ẹ fa ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà jáde láti ìsàlẹ̀, níbi tí ìgbẹ́ ẹja kó sí. Ẹ jẹ́ kí omi tuntun máa já bọ́ láti òkè, kó lè gbé ọ́síjìn wọlé. Ẹ wọn pH láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, torí oòrùn máa ń gbé e sókè nínú omi tó ti di àwọ̀ ewé.

Ẹfun wúlò kí ẹ tó kó ẹja sómi, tàbí nígbà tí pH bá wálẹ̀ ju 6 lọ.