Eré ìdárayá alẹ́ kọ́ ló ń lé oorun

Àwọn kan máa ń sọ pé: "Ẹ má ṣe eré ìdárayá lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ mọ́ o! Oorun ò ní kùn yín. Àárọ̀ nìkan ló dáa."

Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n aago kọ́ ni ìṣòro. Bí eré náà ṣe le tó, àti bí ó ṣe súnmọ́ ìgbà tí ẹ fẹ́ sùn tó, ni kí ẹ wò.

Kí oorun tó gbé ènìyàn, ara gbọ́dọ̀ tutù díẹ̀, kí ọkàn sì rọra máa lù. Eré líle ń gbé méjèèjì sókè. Àwọn olùwádìí kan ní ìlú Súríìkì, ní orílẹ̀-èdè Switzerland, kó ìwádìí 23 jọ, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019: eré ìrọ̀lẹ́ kò ba oorun jẹ́ lápapọ̀. Eré líle tó parí ní wákàtí kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú oorun ló lè fà á sẹ́yìn.

Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù títí di aago mẹ́sàn-án, tó sùn ní mọ́kànlá, kò ní wàhálà. Tó bá parí ní mẹ́wàá àbọ̀ ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó máa yí lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ti ọ̀sán kì í dí oorun lọ́wọ́. Ti àárọ̀ dáa, pàápàá níta, torí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ń jẹ́ kí oorun tètè dé lálẹ́.

Ẹ dán an wò: bí ẹ kò bá lè sọ ju ọ̀rọ̀ mélòó kan kí ẹ tó mí, eré yẹn le. Kí ẹ tó sùn, ẹ ka ìlùkìkì ọrùn ọwọ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi wé ti àárọ̀ nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Bó bá ṣì ga gan-an, ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i.