Ṣé lóòótọ́ ni pé sólà ló máa jẹ ilẹ̀ oko wa tán?

Níbi ìpàdé àdúgbò wa ní Ọ̀bá-Ilé, bàbá kan dìde, wọ́n ní ká má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé sólà ńlá wá sí ìgbèríko Àkúrẹ́, torí yóò gba ilẹ̀ kòkó mọ́ wa lọ́wọ́. Wọ́n ní iná omi ló dára, odò kì í jẹ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn pàtẹ́wọ́. N kò lè já àgbà lẹ́nu níbẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo Kàínjì. Agbára ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ jẹ́ 760 mẹ́gáwáàtì. Kí dáàmù náà tó lè ṣiṣẹ́ ní 1968, omi bo ilẹ̀ tó tó nǹkan bí 1,250 kìlómítà onígun mẹ́rin. Àwọn tó kó kúrò nílé àti lóko lé ní 40,000. Bùsà àtijọ́ wà lábẹ́ omi títí dòní, Níú Bùsà ni wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ lọ.

Ká wá fi sólà ṣe iṣẹ́ kan náà. Omi kì í pé lọ́dún yí ká, nítorí náà ká ní ìdajì agbára yẹn ni Kàínjì ń mú wá tá a bá pín in dọ́gba, ìyẹn 380 mẹ́gáwáàtì. Sólà kì í ṣiṣẹ́ lóru, kùrukùru sì ń dí i lọ́sàn-án. Níhìn-ín lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ri 100 mẹ́gáwáàtì mọ́lẹ̀ yóò rí nǹkan bí 15 gbà tá a bá pín in dọ́gba. Láti rí 380, a ó nílò nǹkan bí 2,500 mẹ́gáwáàtì. Mẹ́gáwáàtì kan ń gba bíi hẹ́kítà méjì, tí a bá ka àlàfo àárín ìlà àti ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ ń gbà mọ́ ọn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 5,000 hẹ́kítà, ìyẹn 50 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ìdá kan nínú márùndínlọ́gbọ̀n ilẹ̀ tí adágún Kàínjì gbà nìyẹn.

Dáàmù kékeré tí kò ní adágún kì í gba ilẹ̀ púpọ̀, òótọ́ ni, àmọ́ bí odò bá fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná náà fà.

Igi tí wọ́n ń gbìn láti fi mú iná wá ló ń jẹ ilẹ̀ jù lọ. Hẹ́kítà kan tí wọ́n gbin igi tó ń yára dàgbà sí, bíi gmẹ̀línà, lè mú tọ́ọ̀nù mẹ́wàá igi gbígbẹ wá lọ́dún. Bí ẹ̀rọ bá sọ ìdá kan nínú mẹ́rin ooru rẹ̀ di iná, nǹkan bí 12,500 yúníìtì ni. Hẹ́kítà kan náà lábẹ́ sólà yóò mú nǹkan bí 650,000 yúníìtì wá. Ibi tí igi ti wúlò gan-an ni lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń dà sílẹ̀ ní sọ́míìlì, tí wọ́n ń dáná sun lásán. Ìyẹn kò gba ilẹ̀ tuntun kankan, ó sì lè mú iná wá lóru. Ó ń dùn mí bí mo bá ń rí èéfín rẹ̀.

Ti iná atẹ́gùn kò ní pẹ́ wa níhìn-ín. Ẹsẹ̀ òpó rẹ̀ kò gba ilẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìyára atẹ́gùn bá dín sí ìdajì, agbára inú rẹ̀ á dín sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ Kàtsínà ni wọ́n gbé e lọ. Atẹ́gùn Àkúrẹ́ kò lágbára tó.

Ohun tó yẹ kí bàbá fi bá sólà jà ni òru. Omi Kàínjì lè dúró de alẹ́, oòrùn kò lè dúró. Ní ọ̀sán, iná sólà kò wọ́n. Bátìrì tí yóò gbé e di alẹ́ ló ń gbówó lórí, ó sì máa ń gbó ṣáájú pánẹ́ẹ̀lì. Òjò náà wà ńbẹ̀: àwọn pánẹ́ẹ̀lì tó ń mú yúníìtì mẹ́rin wá lóòjọ́ ní oṣù kejì lè má mú ju mẹ́ta lọ ní oṣù kẹjọ. Oṣù kẹjọ yẹn ló yẹ kéèyàn fi díwọ̀n bátìrì, àmọ́ oṣù kejì ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ẹni tí iná rẹ̀ bá ń kú ní aago méjì òru kìkì nígbà òjò ti mọ ibi tí àṣìṣe náà wà.

Lẹ́yìn ìpàdé, mo sin bàbá délé, mo sì ṣírò páànù ilé wọn fún wọn. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà, oníwáàtì 550, kò gbà ju mítà onígun mẹ́rin mẹ́rìndínlógún lọ. Wọ́n wo òrùlé náà títí. Wọ́n ní, "Ṣé a kò ní gé igi kòkó kankan?" Mo ní, "Rárá, bàbá. Igi máńgòrò tó ń ṣíji bo apá ìwọ̀-oòrùn yẹn nìkan la máa rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀."