Ibi tí a ti ń gé nọ́ńbà ni wàhálà wà

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé iṣẹ́ àṣetiléwá fìsíìsì wá bá mi lálẹ́ àná. Gbogbo fọ́múlà ló mọ̀, síbẹ̀ ìdáhùn tó kẹ́yìn kò bá ti ìwé mu. Ó ti pẹ́ tí irú rẹ̀ kò yà mí lẹ́nu mọ́. Mi ò tilẹ̀ wo fọ́múlà, ibi tó ti gé nọ́ńbà ni mo ń wá.

Ìbéèrè náà rèé. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 5.50 × 10⁻⁷ m tàn sára mẹ́táàlì síísíọ́ọ̀mù. Ó kéré tán, 2.14 eV la máa ná kí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan tó lè kúrò lára mẹ́táàlì yẹn. Wá fíríkúẹ́ńsì ìmọ́lẹ̀ náà, wá agbára fótọ́ọ̀nù kan, kí o sì wá agbára tó pọ̀ jù tó lè ṣẹ́kù sọ́wọ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó jáde. Wọ́n fún wa ní c = 3.00 × 10⁸ m/s, h = 6.63 × 10⁻³⁴ J s, àti 1 eV = 1.60 × 10⁻¹⁹ J.

Òdo tó wà ní ìparí 5.50 yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ká ní 550 nm ni wọ́n kọ, a ò ní mọ̀ bóyá wọ́n wọn òdo náà ni tàbí wọ́n kàn fi dí àyè. Sítáńdáàdì fọ́ọ̀mù ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé dígíìtì mẹ́ta ló nítumọ̀ níbẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ tẹ̀ sórí kalikulétọ̀ nìyí:

```
3.00×10^8÷5.50×10^-7
```

Kalikulétọ̀ ní 5.45. “Àǹtí, òun ló gbé e wá o!” Òótọ́ ni, àmọ́ 5.50 nìkan ló fi pín in, ó wá fi 10⁻⁷ sọ ọ́ di púpọ̀. Ìmọ́lẹ̀ wo ló ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀marùn-ún péré láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan? Nígbà tó lo bọ́tìnnì ×10ˣ, tí kalikulétọ̀ fi ka 5.50 × 10⁻⁷ sí nọ́ńbà kan ṣoṣo, 5.4545 × 10¹⁴ Hz jáde. Àkámọ́ náà ì bá ṣe é.

Ibẹ̀ ló ti wá dá ẹjọ́ tirẹ̀. Ó kọ 5.5 × 10¹⁴ sílẹ̀, ó sì fi ohun tó kọ yẹn bá iṣẹ́ lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ta ló máa bẹ̀rù ìyẹn? Ó fi h sọ ọ́ di púpọ̀, ó fi 1.60 × 10⁻¹⁹ pín in kó lè di eV, agbára fótọ́ọ̀nù rẹ̀ wá jẹ́ 2.28 eV dípò 2.26 eV. Ó yọ 2.14 kúrò, ó ku 0.14 eV. Ẹni tí kò gé nǹkan kan láàárín ọ̀nà máa rí 0.12 eV.

Mo ní kó fojú owó wò ó. Tó o bá mú 2,260 náírà lọ sọ́jà, tí o ka ogún náírà lé e, o lè má fura. Ṣùgbọ́n tí o bá ti ná 2,140 tán, tí 120 péré ló ṣẹ́kù, ogún náírà yẹn ti di ìdá kan nínú mẹ́fà ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ. Àṣìṣe náà ò tóbi sí i, owó ló kéré sí i. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kéèyàn kọ ìdáhùn tó ti gé sínú ìwé, àmọ́ kó jẹ́ kí gbogbo dígíìtì tó kù wà lórí kalikulétọ̀, kó fi bọ́tìnnì Ans pè é padà.

Ó tún un ṣe, 0.12023 jáde. Ó fẹ́ kọ 0.120, ó ní ṣebí dígíìtì mẹ́ta ni gbogbo ohun tí wọ́n fún wa ní. Ìyẹn bá ìsọdipúpọ̀ àti pínpín mu. Tó bá ti di ìyọkúrò, iye dígíìtì tó wà lẹ́yìn ojú àmì la máa ń wò. 2.26 ní méjì, 2.14 ní méjì, 0.12 ló kù.

Èyí tí mi ò gbà lára àwọn tísà kan ni pé wọ́n máa ń fi bírò pupa fa igi lé 0.11. Ọmọ tó lo h = 6.626 × 10⁻³⁴, c = 2.998 × 10⁸ àti 1.602 × 10⁻¹⁹, tí kò sì gé ohunkóhun, 0.1145 ló máa rí, ìyẹn 0.11 eV. Kò ṣe àṣìṣe kankan. Dígíìtì kejì inú 0.12 yẹn gan-an ò dá wa lójú, torí 2.14 fúnra rẹ̀ lè jẹ́ 2.136 tàbí 2.144 tí wọ́n ti gé kó tó dé ọwọ́ wa. Ọmọ tó rí 0.14 nìkan ni kí wọ́n bi léèrè ibi tó ti gé nọ́ńbà.