Bí A Bá Ń Sunkún, À Á Máa Ríran: Lẹ́tà Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Tọrọ Àfikún Ọjọ́

Ilé ọ̀fọ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ òwe yìí, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọkọ obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Bó ṣe ń sunkún lọ́wọ́ ni ọkùnrin kan wọlé tó ní olóògbé jẹ òun ní gbèsè, ó sì ní kí obìnrin náà gbé ìwé ilẹ̀ fún òun kí òun fi ṣe ìdógò. Obìnrin náà ti na ọwọ́ sí àpótí kí ìyá àgbà kan tó gbá a lọ́wọ́ mú, tó ní, “Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.” Ìyá náà ò ní kó má sunkún. Ohun tó sọ ni pé kí omijé má bò ó lójú débi tí kò ní rí ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Lóde òní, ìgbà tí mo bá ń ka ímeèlì akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tọrọ àfikún ọjọ́ ni òwe náà máa ń sọ sí mi lọ́kàn jù. Ó ti lé ní ọdún 15 tí mo ti ń bójú tó pírójẹ́ẹ̀tì àwọn tó wà lọ́dún ìparí ní Ìlọrin. Púpọ̀ nínú àwọn lẹ́tà yìí, ẹkún nìkan ló máa ń wà níbẹ̀. Ẹkún náà lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ ẹni tó kà á kò ní rí ohun kan tó lè dì mú kó fi ran ọmọ náà lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ aládùúgbò mi kan ní Tanke. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń kà, kì í ṣe ẹ̀ka tèmi, súpáfáísọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ẹlòmíràn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2024, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì na fóònù sí mi: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wo ohun tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́.” Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, ọjọ́ 18, ló yẹ kó fi orí kẹrin pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ lẹ́tà náà, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nílé ẹ̀kọ́. Ohun tó sọ nìyí: pé òun wà lórí ìkúnlẹ̀, pé láàpútọ́ọ̀pù òun ti bàjẹ́, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, pé ìṣòro ìdílé náà wà níbẹ̀, kí sà jọ̀ọ́ fi ọjọ́ kún un fún òun, Ọlọ́run á bù kún wọn.

Mo bi í pé, “Ṣé láàpútọ́ọ̀pù bàjẹ́ lóòótọ́?”

Ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní ẹni tí àwọn jọ ń gbé yàrá ló ní kí òun fi í síbẹ̀, nítorí pé àwọn olùkọ́ tètè máa ń gba ti láàpútọ́ọ̀pù gbọ́.

A kì í tètè gbà á gbọ́. Mo sọ fún un pé bí súpáfáísọ̀ rẹ̀ bá ní kó fi èyí tó ti ṣe ránṣẹ́ báyìí, tí ó sì fi fáìlì ránṣẹ́, inú fáìlì náà ni ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn wà, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ wò á rí i. Láàpútọ́ọ̀pù tó bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ta ló wá fi kọ̀wé ní àná? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Ti lẹ́tà yìí kò ní tó ogún ọdún. Èyí tó sì dùn mí jù ni pé ìdí gidi wà lọ́wọ́ ọmọ yìí, ó sì sin ín sábẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: “ìṣòro ìdílé náà.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Àwọn obìnrin tó ń yan gààrí ní agbègbè Òmù-Àrán ni pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dá lé. Ó ti kọ ọ́ sí orí kẹta pé òun yóò fi ìwé ìbéèrè wá 120 nínú wọn kàn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi fòní dónìí fọ̀la dọ́la kó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó wá gbára dì, ìyá rẹ̀ ṣubú, ẹsẹ̀ wọn kán, ọjọ́ 9 ló sì lò pẹ̀lú wọn nílé ìwòsàn. Ìwé 83 ló ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ku 37.

Mo bi í bóyá ẹnì kan ti gbà á nímọ̀ràn nípa 37 yẹn. Ó tẹjú mọ́lẹ̀. Wọ́n ti ní kó jókòó sí ibì kan kó kọ ìdáhùn sí wọn fúnra rẹ̀.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí, torí òun ni ìdí tí mo fi ka lẹ́tà ìtọrọ ọjọ́ sí ohun tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá lè tọrọ ọjọ́, ayédèrú ni ó kù fún un láti ṣe. Ó sì máa ń hàn. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá fi ara rẹ̀ dáhùn fún obìnrin 37, ìwé á máa fara jọra: “mo gbà bẹ́ẹ̀” láti òkè dé ilẹ̀, ọjọ́ orí tó jẹ́ 40, 45, 50 ṣáá, bírò kan náà, kò sì sí ìwé kankan tí wọ́n fi ìbéèrè kan sílẹ̀ láìdáhùn. Ìyá tó ń yan gààrí lọ́wọ́, tí èéfín ń bá jà, kì í dáhùn gbogbo ìbéèrè. Bí ìwé 83 bá rí wúruwùru bí ọ̀rọ̀ ènìyàn ṣe máa ń rí, tí 37 tó tẹ̀ lé e wá tò bí ilà, olùyẹ̀wò tó mọṣẹ́ á béèrè ohun tó fà á. Nígbà náà, ọ̀ràn ti kúrò ní ti ọjọ́ tó pẹ́.

Ẹkún ti yé wa wàyí, ó ku ìríran. Mo ní kó gbé bírò kó ka ọjọ́. Ìwé mélòó ni ó lè rí gbà lójúmọ́? Ó ní 8, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 25, àwọn ìyá náà kì í sì í ráyè àfi lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yan ti òwúrọ̀ tán. Ọjọ́ 5 nìyẹn fún 37. Títẹ ìdáhùn sínú kọ̀ǹpútà á gba ọjọ́ 2, ìṣírò rẹ̀ lórí ètò kọ̀ǹpútà SPSS á gba ọjọ́ 2, kíkọ orí kẹrin á gba ọjọ́ 3. Ọjọ́ 12 ni gbogbo rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á parí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26. A fi ọjọ́ méjì sí i nítorí òjò àti ọkọ̀ Àjàṣẹ́-Ìpo, ó di ọjọ́ Ajé, 28. Lẹ́tà àkọ́kọ́ kò dá ọjọ́ kankan. Bí o kò bá dá ọjọ́, olùkọ́ ni yóò dá a fún ọ, kò sì mọ iye ìwé tó kù lọ́wọ́ rẹ.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í béèrè: ta ló ni gbèdéke náà? Èyí tí súpáfáísọ̀ fúnra rẹ̀ dá, ó lè sún un síwájú. Èyí tí ẹ̀ka dá nítorí dìfẹ́ǹsì, tàbí nítorí olùyẹ̀wò tó ń bọ̀ láti yunifásítì mìíràn, kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Olórí ẹ̀ka ni a máa kọ̀wé sí, nípasẹ̀ súpáfáísọ̀. Ọjọ́ 18 yìí, súpáfáísọ̀ ló dá a, nítorí náà òun gan-an ni lẹ́tà tọ́ sí.

Ohun tó fi ránṣẹ́ nígbẹ̀yìn rèé, bí mo ṣe lè sọ ọ́ lédè wa:

Àkọlé: Ìtọrọ àfikún ọjọ́ 10 fún orí kẹrin pírójẹ́ẹ̀tì (orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà mátíríìkì rẹ̀ tẹ̀ lé e).

“Ẹ káàárọ̀ sà. Èmi ni mo ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì lórí àwọn obìnrin tó ń yan gààrí ní agbègbè Òmù-Àrán. Ọjọ́ Ẹtì, 18, ló yẹ kí n fi orí kẹrin ránṣẹ́ sí yín. Mo tọrọ pé kí ẹ gbà mí láyè di ọjọ́ Ajé, 28.

Ìyá mi ṣubú, ẹsẹ̀ wọn kán, mo sì wà lọ́dọ̀ wọn nílé ìwòsàn fún ọjọ́ 9, láti 28 oṣù tó kọjá. Mo lè mú káàdì ilé ìwòsàn wá bí ẹ bá fẹ́ rí i. Ṣáájú ìgbà náà, èmi fúnra mi ti fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣòfò kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìwé ìbéèrè. Ẹ̀bi mi ni ìyẹn, ẹ má bínú sà.

Ìwé 83 ti wà lọ́wọ́ mi nínú 120. Mo ti ka ọjọ́ tí ìyókù á gbà, mo sì kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ní ọjọ́ 18 náà, màá fi orí kìíní sí ìkẹta tí mo ti tún ṣe ránṣẹ́. Bí ọjọ́ 28 bá pẹ́ jù, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ èyí tó ṣeé ṣe fún mi, àti bóyá ẹ fọwọ́ sí i pé kí n fi èyí tó bá wà lọ́wọ́ mi nígbà náà ṣe ìṣírò.”

Ó fẹ́ yọ ti ọ̀sẹ̀ méjì yẹn kúrò. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi í sílẹ̀. Ọjọ́ 9 nìkan kò lè ṣàlàyé iṣẹ́ ọjọ́ 12 tó kù, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á ṣírò rẹ̀. Gbólóhùn kan ti tó fún ẹ̀bi ẹni, kó má di ojú ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àìsàn ìyá: kò sí ìdí láti ya fọ́tò ẹsẹ̀ wọn ránṣẹ́, bí àwọn kan ti ṣe sí mi rí. Ara àwọn òbí wa kì í ṣe ẹ̀rí tí a máa ń tẹ́ kiri. Ìkúnlẹ̀ ni mo ní kó yọ. Bó bá dé ọ́fíìsì wọn, kó kúnlẹ̀ níbẹ̀.

Ìdáhùn dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Súpáfáísọ̀ ní ọjọ́ 28 kò lè ṣeé ṣe, torí pé ẹ̀ka máa kó iṣẹ́ ránṣẹ́ sí olùyẹ̀wò ní 4 Oṣù Bélú, òun sì gbọ́dọ̀ ka iṣẹ́ rẹ̀ kí ọmọ náà tún un ṣe ṣáájú ìgbà náà. Ó fún un di ọjọ́ Ẹtì, 25. Nítorí pé ìṣírò ọjọ́ ti wà nínú lẹ́tà, ó tọ́ka sí ibi tó lè gé kù: kó máa tẹ ìdáhùn sínú kọ̀ǹpútà ní alaalẹ́, kó má dúró kí 37 pé.

Ọmọ náà dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé òun gbà bẹ́ẹ̀, ó sì wọkọ̀ lọ sí Òmù-Àrán ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọjọ́bọ̀, 24, ló fi orí kẹrin sílẹ̀. Ìwé 118 ló wà nínú rẹ̀. Ìyá méjì ní àwọn ò dáhùn ìbéèrè ẹnikẹ́ni, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sínú orí kẹta.